Ìtumọ̀ Tí Mo Fún Ánómì

Èmi ni mo kọ ìtumọ̀ náà sílẹ̀, n kò lè purọ́. Àwa mẹ́fà tí a jọ ń ka sọsiọ́lọ́jì ní yunifásítì la pín àkójọ ìwé kíkà tí olùkọ́ fún wa láàárín ara wa. Kálukú yóò ṣa ọ̀rọ̀ líle inú ìpín tirẹ̀, yóò túmọ̀ wọn lọ́nà tó rọrùn, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ìdánwò. Ánómì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí díṣọ́nárì, mo rí i pé ó jẹ mọ́ àìsí òfin, mo bá kọ ọ́ pé: "Ánómì: ìgbà tí òfin kò sí ní ìlú." Ó kúrú, ó rọrùn láti há sórí. Gbogbo wa sì há a.

Ìbéèrè tí a bá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni pé, kí ló dé tí Durkheim fi ní àwọn tó ń pa ara wọn máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ọrọ̀ ajé bá ṣàdédé búrẹ́kẹ́, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ nígbà tó bá dẹnu kọlẹ̀? Ìtumọ̀ mi kò rí nǹkan kan sọ sí i. Owó wọlú, ọlọ́pàá ṣì wà, ilé ẹjọ́ ṣì wà. Òfin wo ló wá sá lọ? Mo kọ ọ̀rọ̀ olè àti ìjà ìgboro. Ohun kan náà ni àwọn márùn-ún yòókù kọ, olùkọ́ tiẹ̀ rò pé a wo ìwé ara wa ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà ka orí tó sọ̀rọ̀ nípa ánómì látòkè délẹ̀. Nínú ìwé tí Durkheim kọ lórí ìpara-ẹni ní 1897, kì í ṣe òfin ọlọ́pàá ló ń sọ. Ìwọ̀n tí àwùjọ fi ń sọ fún ènìyàn pé ibi báyìí ni kí ìfẹ́ ọkàn rẹ mọ ló ní lọ́kàn. Bí ọrọ̀ bá ya wọlé lójijì, ìwọ̀n àtijọ́ kò bá a mu mọ́, tuntun kò sì tíì dé. Ohunkóhun tọ́wọ́ bá tẹ̀ kò ní í tó. Ká ní mo ti fi ìtumọ̀ mi rọ́pò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn Durkheim ni, ǹ bá ti rí i pé kò wọlé.

Èyí tó tún dùn mí ni pé Robert Merton, ará Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ kan náà ní 1938, ó sì gbé e gba ibòmíràn. Ó ní ìlú ń kọ́ tọmọdé tàgbà pé kí wọ́n lówó, ṣùgbọ́n kò ṣí ọ̀nà tó tọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Àlàfo yẹn ni ánómì tirẹ̀. Ọmọ Yahoo tó gba ẹ̀bùrú wá owó wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé tí kò retí ọrọ̀ mọ́, àmọ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ láìfo ìlà kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ tèmi nìyẹn o.

Mo fa ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ya. Mo kọ méjì rọ́pò rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún rẹ̀, ojú ìwé tí mo ti rí i àti àpẹẹrẹ kan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ tó kàn, kíláàsì, mo bá Marx àti Weber tí wọ́n jọ jókòó síbẹ̀. Mo mú rúlà, mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé kí n tó kọ ohunkóhun.