Gbèsè Tó Wà Nínú Lẹ́tà

Atẹ̀wé ni aládùúgbò mi. Ṣómólú ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, Palmgrove ló ń sùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó mú ìwé kan wá sílé mi. Onílé rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù náà, pé kí ó kó jáde kí ọjọ́ 10 oṣù kejì tó pé. Ó ti kọ èsì ojú ìwé mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èébú ló kún ibẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ bú bàbá onílé dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí déètì kankan nínú ohun tí ẹ kọ."

A da àwọn risíìtì rẹ̀ sórí tábìlì. Ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2019 ló wọlé. Mo bèèrè ìwé àdéhùn, nítorí bí wọ́n bá ti kọ iye oṣù ìkìlọ̀ síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni yóò dúró. Kò sí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n risíìtì mẹ́fà wà, ọdún kọ̀ọ̀kan sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Èyí tó kẹ́yìn parí sí ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025. Níbẹ̀ ni agbára ẹjọ́ rẹ̀ wà. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé, bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, bí èèyàn ṣe ń san owó ilé la ó fi mọ irú ayálégbé tó jẹ́. Oṣù kan ni ìkìlọ̀ ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Òfin yìí yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Palmgrove.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí mo tún wo risíìtì ìkẹyìn. 450,000 náírà ni owó ilé. 370,000 ló wà nínú ìwé. "Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, àbúrò mi," ló wí. "Ta ló bi wá?"

Níhìn-ín ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí ti jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbèsè 80,000 náírà kò lè sọ ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà di oṣù kan, nítorí náà kò sí ohun tí fífi í pamọ́ máa mú wọlé. Bí onílé bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ tú u síta, ta ni yóò gba ìyókù gbọ́? Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ ọgbọ́n ẹjọ́ nìkan ni a ó fi sọ òótọ́. Ọmọlúàbí tó ń bá àgbà jà lórí ẹ̀tọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ àgbà náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. Owó onílé ni 80,000 yẹn.

Lẹ́tà tuntun kò kún ojú ìwé kan:

"Ẹ̀yin bàbá wa, mo wọ ilé yín ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2019, ọdọọdún ni mo sì ń san owó. Mo gba ìwé yín ti ọjọ́ 10 oṣù kìíní. Oṣù kan lẹ fún mi; oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Mo jẹ yín ní 80,000 náírà nínú owó 2024, n kò sì jiyàn rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní ìkìlọ̀ tó bá òfin mu. Ẹ̀dà risíìtì mẹ́fà ló tẹ̀ lé lẹ́tà yìí."

Tìràbúnà owó ilé tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ ti di ìtàn. Kóòtù ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí báyìí. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ mú ẹ̀dà lẹ́tà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún aráàlú, níbi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Onílé ti halẹ̀ pé òun á ká páànù ilé. Ìyẹn burú ju ìkìlọ̀ kúkúrú lọ. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde, tàbí tó fi ìhàlẹ̀ dà á láàmú kó lè jáde, lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìkìlọ̀, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ gba ilé òun, kó tó gba kóòtù lọ. Òṣìṣẹ́ kóòtù nìkan ló lè kó ẹrù èèyàn síta.

Síbẹ̀, kí ayálégbé má fò fáyọ̀ jù. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ayálégbé tó ń fi àléébù inú ìwé ìkìlọ̀ jókòó sórí ilé onílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpè kóòtù fúnra rẹ̀, wọ́n ní, ti tó ìkìlọ̀ fún irú wọn.

Nígbà tí onílé àti ẹ̀gbọ́n mi pàdé níbi ìlàjà, onílé ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé gbèsè wà níbẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, owó oṣù mẹ́fà láti oṣù kẹta sì jẹ́ 225,000 náírà. Ẹ̀gbọ́n mi san án pẹ̀lú 80,000 náà, ó gba risíìtì. Ó kó lọ sí Bàrígà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ.