Àgbà Kì í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Òwe yìí dá lórí ojúṣe ẹni tí ó wà láàárín èrò. Ìyá pọn ọmọ, kò sì rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọrùn ọmọ kò tíì le, orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ọjà ló lè rí i, ṣùgbọ́n òwe kò ka ẹ̀bi sí èrò ọjà lọ́rùn, àgbà ló dárúkọ. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé kì í pẹ́ di iṣẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò ṣe é. Àgbà ni ẹni tí ó rí nǹkan, tí ó mọ ewu rẹ̀, tí kò sì lè sọ pé òun rò pé ẹlòmíràn yóò ṣe é.

Ní 1964, wọ́n pa obìnrin kan, Kitty Genovese, ní Niú Yọ́ọ̀kì. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ènìyàn 38 ló ń wò ó níran láìṣe nǹkan kan. Ìwádìí tó wá lẹ́yìn náà fi hàn pé àsọdùn pọ̀ nínú ìròyìn náà, ṣùgbọ́n òun ló mú kí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, John Darley àti Bibb Latané, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí èrò ń ṣe sí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 1968, wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí yàrá tirẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìgbé ayé ní yunifásítì. Láìpẹ́, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ó ń ké pé wárápá ti gbé òun. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n rò pé àwọn nìkan ló gbọ́, ìdá 85 nínú 100 ló sáré jáde wá ìrànwọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 péré ni. Kì í ṣe pé àwọn tó jókòó jẹ́ ọ̀dájú: ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń béèrè bóyá ara ẹni náà ti yá. Ẹrù tí ì bá wà lórí ẹnì kan ni wọ́n ti fi ọkàn pín sí orí márùn-ún.

Ìdí kejì tí èrò fi ń dúró láìṣe nǹkan ni pé ènìyàn máa ń wo ojú ẹnìkejì kó tó mọ̀ bóyá ewu wà. Nínú ìdánwò mìíràn, èéfín ń wọ inú yàrá. Ìdá 75 nínú 100 àwọn tó dá wà níbẹ̀ ló lọ sọ. Nígbà tí ẹni méjì tí wọ́n ti kọ́ pé kí wọ́n má mira jókòó ti ènìyàn, ìdá 10 ló sọ. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn yòókù ló di ẹ̀rí pé kò sí nǹkan.

Ìpín ẹrù yìí náà ló ń bí ìwà ọ̀lẹ nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Latané àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn pariwo tagbáratagbára. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni ariwo ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dínkù, kódà nígbà tí wọ́n kàn rò pé àwọn ẹlòmíràn ń bá wọn pariwo. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé a ó wọn ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìwà ọ̀lẹ náà lọ. Ohun tí òwe ṣe nìyẹn nígbà tó dárúkọ àgbà: ó yọ ẹnì kan jáde láàárín èrò.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fúnra wọn lè pé, kí orí ọmọ sì wọ́. Ní oṣù kẹrin 1961, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí nǹkan bí 1,400 ọmọ Kúbà tó wà nílẹ̀ òkèèrè lọ gbógun ti ìlú wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ogun náà ti fọ́. Arthur Schlesinger, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn náà, ti kọ̀wé sí ààrẹ pé òun kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nínú ìpàdé, ó panu mọ́. Irving Janis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, lo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní 1972 láti fi ṣàlàyé bí ìfẹ́ ìṣọ̀kan ṣe ń pa iyèméjì mọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n lẹ́nu. Níbí, ẹrù kò sọnù. Ẹnu ló wúwo.

Èyí kò sọ èrò di aláìwúlò. Àwọn olùwádìí wo àwòrán kámẹ́rà ìjà ìgboro 219 ní Amsterdam, Lancaster àti Cape Town. Nínú èyí tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ, ó kéré tán ẹnì kan dá sí i, bí èrò sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe rọrùn tó kí olùrànwọ́ yọjú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa lọ́ra, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àgbà kan á wà.

Nítorí náà, ẹni tó bá nílò ìrànwọ́ láàárín èrò kò gbọdọ̀ ké sí gbogbo ayé. Kí ó nawọ́ sí ẹnì kan: “Bàbá tí ẹ dé fìlà pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe dókítà.” Nínú ìpàdé, ìmọ̀ràn Janis ni pé kí olórí má kọ́kọ́ sọ èrò tirẹ̀, kí ó sì yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tako àbá. Ẹni tí a yàn bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé òun rò pé ẹlòmíràn yóò sọ ọ́.