Ìlà Méjì Tó Fi Ohun Tí Òpó Mẹ́rin Bò Hàn

Ní Amẹ́ríkà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 tí wọ́n pè ní National Supported Work. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tí kò rọrùn fún láti rí ẹni gbà wọ́n síṣẹ́: àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé, àwọn tó ti lo oògùn olóró rí, àwọn ọ̀dọ́ tí kò parí ilé-ìwé girama, àti àwọn obìnrin tó ti pẹ́ lórí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹni tó bá wọlé yóò ríṣẹ́ ṣe fún nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ọ̀gá yóò sì wà nídìí rẹ̀ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó yẹ ni wọ́n gbà. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ẹni tí gègé mú wọlé, ẹni tí kò mú bá tirẹ̀ lọ, wọ́n sì ń ṣàkọsílẹ̀ owó tí àwọn méjèèjì ń pa.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọkùnrin kan nínú wọn, àwọn tí Rajeev Dehejia àti Sadek Wahba tún yẹ̀ wò ní ọdún 1999. Àwọn 185 ni gègé mú, 260 ni kò mú. Ní ọdún 1975, kí ìkọ́ṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ìpíndọ́gba owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 185 pa lọ́dún jẹ́ dọ́là 1,532. Ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́, ó ti di 6,349. Bí a bá ya èyí sí ṣáàtì olópòó, òpó kúkurú kan àti òpó gíga kan tó fi ìlọ́po mẹ́rin jù ú lọ ni a óò rí. Ta ni yóò wò ó tí kò ní yin ètò náà? Irú àwòrán yìí ni ọ̀pọ̀ àjọ tó ń kọ́ni níṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wọn lówó, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé kò sí irọ́ nínú iye kankan tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣi ẹni tó ń wò ó lọ́nà.

Àwọn 260 tí gègé kò mú ńkọ́? Dọ́là 1,267 ni tiwọn ní 1975. Ní 1978, ó di 4,555. Àwọn náà gòkè gan-an, láìsí ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ kankan lábẹ́ ètò yìí.

Bí a bá fi wọ́n kún ṣáàtì olópòó, òpó á di mẹ́rin, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òpó tó bá fara kan èkejì ni ojú máa ń fi wéra. Bí a bá to 1975 àti 1978 àwọn tó kọ́ṣẹ́ pọ̀, tí a sì to ti àwọn yòókù pọ̀, ìdàgbàsókè lẹ́ẹ̀mejì ni ojú yóò rí, ọkàn á sì balẹ̀. Bí a bá tò wọ́n ní ọdún-ọdún, ìyàtọ̀ inú 1978 yóò hàn, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò láti 1975 yóò já mọ́ wa lójú. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an ni bí fífò àwọn kan ṣe ju fífò àwọn kejì lọ, kò sì sí òpó kankan tó dúró fún un. Ó di dandan kí òǹwòran yọ orí òpó kan kúrò lára èkejì lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkàn rẹ̀, kó tún wá yọ èsì kan kúrò lára èkejì. Ta ló ráyè ìyẹn nínú ìpàdé?

Ṣáàtì onílà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló yanjú rẹ̀. Fa ìlà méjì ní òòró, 1975 lápá òsì, 1978 lápá ọ̀tún. Fi àmì sí 1,532 lápá òsì, kí o fa ìlà láti ibẹ̀ lọ bá 6,349 lápá ọ̀tún. Ṣe bákan náà fún 1,267 àti 4,555, kí o sì kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ìlà rẹ̀. Edward Tufte gbé irú rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1983, tó fi ìpín tí ìjọba orílẹ̀-èdè 15 ń gbà nínú ọrọ̀-ajé wọn hàn ní 1970 àti 1979. Lójú ẹsẹ̀ ni èèyàn ń rí i pé ti Bìrìtéènì lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ń gòkè. Nínú tiwa yìí, ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ nítòsí ara wọn, wọ́n jọ gòkè, wọ́n sì ya díẹ̀ lókè. Ti àwọn tó kọ́ṣẹ́ gun 4,817, ti àwọn yòókù gun 3,288. Ìyàtọ̀ méjèèjì, 1,529, ló ṣẹ́ kù tí a lè kà sí ti ètò náà. Bí a bá sì gbára lé gègé, tí a kàn fi 1978 wé 1978, a óò rí 1,794. Èrè gidi ni, ó sì tó nǹkan fún ẹni tí kò ní, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ 4,817 tí òpó méjì àkọ́kọ́ ṣèlérí.

Kí ló dé tí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ fi gòkè tó bẹ́ẹ̀? Orley Ashenfelter ti rí ìdáhùn kan ní 1978, nígbà tó ń yẹ owó àwọn tó wọ ìkọ́ṣẹ́ ìjọba ní 1964 wò. Owó wọn ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà yéni: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ kòtò la ti bá a, bí a kọ́ ọ bí a kò kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ irú wọn yóò tún gòkè padà.

Níbí ni ṣáàtì onílà náà ti ní àbùkù tirẹ̀. Ìlà tó tọ́ gbọọrọ láti 1975 dé 1978 kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní 1974, àwọn 185 yìí pa 2,096. Àwọn 260 pa 2,107. Àwọn méjèèjì ló já wálẹ̀ ní 1975. Bí a bá fi 1974 kún un, ìlà á kọ́kọ́ wọ́ sílẹ̀ kó tó gòkè, ìtàn náà á sì yí padà. Nítorí náà, bí iye ọdún tó ṣáájú bá wà nílẹ̀, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni dúró sí ọdún méjì péré. Ẹ tún wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣáàtì náà dáadáa: òpó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ìlà kò pọn dandan kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lè na ìdàgbàsókè láti máàkì 60 sí 63 kó dà bí òkè.

Ìlà tún lè ṣe ohun tí òpó kò lè ṣe: ó lè fi ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn. Nínú àwọn 185, 111 ni kò rí kọ́bọ̀ kankan lọ́dún 1975, nítorí náà ìpíndọ́gba 1,532 yẹn kò jọ ìgbé-ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fún kíláàsì ìkọ́ṣẹ́ èèyàn 20 tàbí 30 tó ṣe ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o fi pupa kun ti àwọn tó lọ sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tí kò dé fún ti ìkẹyìn yóò hàn, nítorí àmì rẹ̀ lápá òsì kò ní ìlà. Nínú ṣáàtì olópòó, ńṣe ni yóò kàn pòórá, ìpíndọ́gba ìkẹyìn á sì lọ sókè bó bá jẹ́ pé àwọn tó rẹ̀yìn ló sá lọ. Bí èèyàn bá tó 185, àwọn ìlà yóò lọ́ mọ́ra wọn. Ìpíndọ́gba ìhà kọ̀ọ̀kan ló sàn ká fà nígbà náà.

Ní 1986, Robert LaLonde mú àwọn tí gègé kò mú kúrò, ó fi àwọn ará ìlú tí ìwádìí orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé rọ́pò wọn, láti wò ó bóyá ìṣirò lè bá wa rí ohun tí gègé ti fi hàn. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkójọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin 2,490 ń pa 19,063 ní 1975 àti 21,554 ní 1978. Bí a bá fi wọ́n wé àwọn 185, tí a wo ẹnu ìlà lápá ọ̀tún nìkan, ó máa dà bíi pé ìkọ́ṣẹ́ náà gba 15,205 lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Bí a bá wo gígùn ìlà méjèèjì, ó máa dà bíi pé ó fún wọn ní 2,326. Lápá òsì ni ìkìlọ̀ wà: ìlà kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, èkejì bẹ̀rẹ̀ lókè téńté, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti fi wọ́n wéra.