Ta Ni Yóò San Gbèsè Ilé-iṣẹ́?

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2020 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dá dúró bí ènìyàn: gbèsè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró, ààbò náà tú.

Ká ní ilé-iṣẹ́ gàrí kan ní Òkè-Ọ̀pin jẹ báńkì ní ₦5,000,000, tí wọ́n ta ẹ̀rọ rẹ̀ ní ₦2,000,000. Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n ta ọkọ̀ tàbí ilé onídùúró náà láti fi san ìyókù. Ilẹ̀ ẹbí kò sí níbẹ̀, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ní tèmi, kò tọ́ kí bàbá fọwọ́ sí i láìsọ fún aya àti ọmọ. Òun nìkan ló fọwọ́ síwèé; gbogbo wọn ni yóò kẹ́rù jáde.