Àtàǹpàkò Lẹ́nu Ọmọ Ọdún Márùn-ún

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni àwọn òbí mìíràn ń rọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi ipá yọ ìka lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Òwe náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ìrókò yìí ní àsìkò tirẹ̀, nítorí pé láti inú oyún ni ọmọ mìíràn ti ń mu ìka, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sì fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4 láìjẹ pàṣán. Ọmọ tó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀ ni èyí tó ti ń sún mọ́ ọdún 5 tí kò tíì dáwọ́ dúró, nítorí pé ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7 ni eyín àgbà máa ń yọ níwájú ẹnu.

Ní agbègbè Owódé Ẹ̀gbá, pàápàá ní Mowé àti Ìbàfò, ọ̀pọ̀ òbí ni í jí lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ìrọ̀lẹ́ sì tún ń bá wọn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí ọmọ ti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi tó ń retí ẹni tí kò tíì dé. Kò yani lẹ́nu bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi àtàǹpàkò ṣe olùtùnú.

Kì í ṣe agbára tí ọmọ fi ń fa ìka ló ń ba eyín jẹ́ jù, bí kò ṣe iye wákàtí tí ìka fi wà lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ nípa títo eyín sọ pé ohun tó bá ń ti eyín, bó ti wù kó rọra tó, fún nǹkan bíi wákàtí 6 lóòjọ́ lè ṣí i nípò, ìdí nìyí tí ìka tí ọmọ ń mu sun mọ́jú fi léwu ju èyí tó fi sẹ́nu fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀sán. Ìka a máa ti eyín òkè síta, a máa tẹ ti ìsàlẹ̀ wọlé, kò sì ní jẹ́ kí méjèèjì pàdé. Ahọ́n tó yẹ kó máa sinmi sí àjà ẹnu yóò wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì máa fún eyín òkè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí àjà ẹnu yóò fi há, tí eyín ẹ̀yìn ti òkè yóò sì máa bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá pa ẹnu dé.

Láti mọ̀ bó ti rí, kí òbí ní kí ọmọ fi eyín ẹ̀yìn jẹ ara wọn, kí ó sì gbé ètè rẹ̀ sókè. Bí ahọ́n bá ń hàn láàárín eyín iwájú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìka ti ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní èjì, nítorí pé àárín eyín òkè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni èjì tí Yorùbá fi ń ṣẹwà wà. Ìka tí ọmọ ń mu pàápàá kì í fara pamọ́: òun ló máa ń mọ́ jù, tí awọ rẹ̀ sì ń hunjọ tàbí kí ó le.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ata tí wọ́n ń fi pa ìka lè wọ ojú ọmọ lóru, ìtìjú àti ẹgba sì lè tún mú kí ọkàn rẹ̀ fà sí ìka tó ń tù ú nínú. Bí ọmọ ọdún 5 kan bá ń mu ìka lóru nìkan, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbà láti dáwọ́ dúró, báńdéèjì tó ń nà ni kí wọ́n rọra wé mọ́ ìgúnpá rẹ̀ nígbà tó bá na apá, láti òkè ìgúnpá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka àgbà yóò fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oorun bá gbé e lọ, báńdéèjì yóò máa fẹ́ na apá tó ká padà, àtàǹpàkò yóò sì yọ lẹ́nu fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wú tàbí tó tutù, wọ́n ti wé e le jù. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a sábà ń ṣe é, kí ọmọ sì máa fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ní àárọ̀ tí ìka rẹ̀ bá gbẹ.

Ọmú rọ́bà, tí àwọn èèyàn ń pè ní pásífáyà, rọrùn láti gbà lọ́wọ́ ọmọ ju àtàǹpàkò lọ, nítorí pé ó ṣeé kó pamọ́: kí ó kọ́kọ́ di ti ojú oorun nìkan, kí ó sì tán nílẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 3. Kí wọ́n má sì tì í bọ inú oyin, nítorí pé oyin léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí ìka bá kúrò lẹ́nu kí eyín àgbà tó yọ tán, àlàfo iwájú sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Eyín ẹ̀yìn tó bọ́ sínú kì í sábà padà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oníṣègùn eyín ọmọdé ni, irú àwọn tó wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ní UCH ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti lè fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ àjà ẹnu díẹ̀díẹ̀.