Bàtà Ẹnu Ọ̀nà Mọ́sálásí: Níbo Ni Olè Ti Bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàtà máa ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọra. Ká ní ọkùnrin méjì jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ sálúbàtà dúdú tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé. Ọ̀kan rò pé tòun ni. Èkejì mọ̀ dájú pé ti ẹlòmíràn ni, ó kàn rí i pé ó tuntun ju tòun lọ ni. Ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè kò ní rí ìyàtọ̀ kankan: ẹsẹ̀ wọnú bàtà, ẹsẹ̀ gba ọ̀nà ilé. Àwọn tó ni bàtà yóò sì fẹsẹ̀ lásán rìn bákan náà. Kí ló wá dé tí a fi ń pe ọ̀kan ní olè, tí a sì ń sọ pé èkejì ṣèèṣì?

Àwọn amòfin ní orúkọ Látìnì fún ohun méjì tí ìbéèrè yìí dá lé lórí. Ìṣe tó hàn síta ni wọ́n ń pè ní aktọ́ọ̀sì réọ̀sì, èrò ọkàn tó bá ìṣe náà rìn sì ni mẹ́ńsì réà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwà ọ̀daràn, àfi kí méjèèjì wà kí ẹjọ́ tó dá ènìyàn lẹ́bi. (Ọ̀pọ̀ ni mo wí, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí òfin kì í bèèrè ohun tí ẹni náà ń rò.) Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò lo orúkọ Látìnì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó ń wá ohun tí wọ́n dúró fún. Abala 383 kò sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá mú ohun ẹlòmíràn ti jalè. Ẹni tó bá fi èrú mú un, tàbí tó fi èrú sọ ọ́ di tirẹ̀, ni ó pè lólè.

Èrú, inú ni ó ń gbé, inú sì jìn. Ta ló máa wọ inú ẹlòmíràn lọ wò ó? Ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ ń gbà ni kí ó ka inú láti ara ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe. Abala 23 gba ẹni tó fi òtítọ́ inú rò pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun kan, tí kò sì ní èrò èrú, lọ́wọ́ ẹ̀bi ohun ìní. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ sálúbàtà pupa wá bá wọ dúdú lọ, tí dúdú náà ń fún un lẹ́sẹ̀, tó sì fi sínú ọ̀rá kó tó wọlé, a lè bi í pé: òtítọ́ inú wo nìyẹn? Kì í ṣe pé òfin ní kò gbọ́dọ̀ ṣe àṣìṣe òmùgọ̀. Adájọ́ ni kò ní gbà á gbọ́ pé àṣìṣe ni.

Ohun tí a ń wá yìí kì í ṣe ìwà. Ìwà a máa bá ènìyàn gbé fún ọdún púpọ̀. Èrò lè wọlé kó sì jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọlúàbí lè ní èrò burúkú lọ́jọ́ kan, aláìníláárí náà sì lè ṣi bàtà wọ̀ tọkàntọkàn. Ìgboro kò fara mọ́ ìyàtọ̀ yìí: ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 kò tẹ̀lé ìgboro níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe nínú àwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, olùpẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìwà burúkú olùjẹ́jọ́ ṣe ẹ̀rí. Bàtà kan ni wọ́n ń bi í, lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣèèṣì, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán. Ó délé, ó yí bàtà náà wò lábẹ́ iná, ó rí i pé kì í ṣe tòun. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó mú un, kò sí èrò búburú. Nígbà tí èrò búburú dé, kò tún mú nǹkan kan mọ́. Ìṣe àti èrò kò pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Ṣé ó bọ́ nìyẹn? Níbí ni apá kejì abala 383 ti wúlò: fífi èrú sọ ohun di tara ẹni. Ìgbà tó mọ òtítọ́ tó sì fi bàtà pamọ́ ni olè bẹ̀rẹ̀.

Irú ìṣòro yìí gan-an ló dé iwájú àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1967, ọlọ́pàá kan ní kí awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táyà gun ẹsẹ̀ ọlọ́pàá náà, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọlọ́pàá kígbe pé kó kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Awakọ̀ bú u, ó ní kó ní sùúrù, ẹ́ńjìnì kú, ó pẹ́ kó tó sún ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta gbà pé ìṣe náà kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí táyà ṣì wà lórí ẹsẹ̀, nítorí náà èrò burúkú tó pẹ́ dé bá a lójú iṣẹ́. Adájọ́ Bridge kò gbà. Lójú tirẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ dúró, awakọ̀ kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ṣe ni ó kàn kọ̀ láti ṣe. Mo wà pẹ̀lú àwọn méjì, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ẹnì kẹta kò ríran.

Èrò tí òfin ń bèèrè kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo nǹkan. Ẹni tó yá bàtà aládùúgbò wọ̀ láìtọrọ, tó sì fẹ́ dá a padà nírọ̀lẹ́, kò ní èrò láti gbà á títí láé. Ìyẹn kò tó láti sọ ọ́ di olè. Ṣùgbọ́n akápò ẹgbẹ́ tó ná owó àjọ lọ́jọ́ Ajé, tó sì fi gbogbo ọkàn pinnu láti dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́? Abala 383 kan náà ní, tó bá jẹ́ owó, èrò láti lò ó bó ṣe wu ẹni ti tó, bí ẹni náà tilẹ̀ fẹ́ san án padà. Inú rere tó ń dúró de ọjọ́ Ẹtì kò wo ọjọ́ Ajé sàn.

Ẹlòmíràn lè ní orí òun ló gbé òun débẹ̀. Abala 24 mọ ìṣe tí kò ti ọwọ́ ìfẹ́ inú ẹni wá: bí èrò bá tì ọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ sì já sínú bàtà ẹlòmíràn, ìwọ kọ́ lo ṣe é. Àwa náà kì í pe gbogbo nǹkan ní àyànmọ́. Àfọwọ́fà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni ó yan ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibo ni ojúkòkòrò funra rẹ̀ ti wá, bí kò bá wá láti inú ohun tí ẹni náà yàn kó tó délé ayé? Òfin kì í wá ìfẹ́ inú lọ sẹ́yìn débẹ̀. Ó bi í bóyá ó wà, kò bi í ta ló bí i.

Ìkan ṣẹ́kù tí mi ò lè yanjú. Iná lọ, ọkùnrin kan sì nawọ́ sínú òkùnkùn láti jí sálúbàtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Ó délé, ó rí i pé tara rẹ̀ ni òun mú. Èrú rẹ̀ pé pérépéré, ẹnikẹ́ni kò sì fẹsẹ̀ lásán rìn. Abala 4, tó sọ̀rọ̀ nípa ìgbìyànjú láti dẹ́ṣẹ̀, ní bí ohun tí ẹnì kan kò mọ̀ bá tilẹ̀ mú kí ẹ̀ṣẹ̀ náà má lè ṣeé ṣe, ìyẹn kò gbà á sílẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò dìde, yóò bèèrè bóyá ènìyàn lè gbìyànjú láti jí ohun tirẹ̀. Bí mo bá wà níjòkòó adájọ́, mi ò mọ èyí tí n bá sọ.