Ṣé Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Lè Pín Owó Alágbàṣe?

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye tí onílé gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́ bí ó bá ń bọ̀. Ìbéèrè yìí kan wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó wa jẹ́ àlejò. Òmíràn ti Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé wá, òmíràn ti ilẹ̀ Tógò. Àwọn kan ń gba iṣẹ́ ọdún kan: olóko á máa bọ́ wọn, owó wọn á sì di ìparí ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tógò tó gba ₦600,000. Ilé ń retí owó, òun náà sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ agbàṣe. Ó gbọ́kàn lé Ifá, nítorí àwọn Ewé ìlú rẹ̀ náà ní in, wọ́n ń pè é ní Afá. Nítorí náà, ó lọ bá babaláwo kan.

Babaláwo kì í sábà béèrè ohun tó gbé èèyàn wá. Ẹni tó wá á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó tó mú lọ́wọ́, á sì fi í sílẹ̀. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé, ohun tó mú kí odù jẹ́ 256 nìyẹn. Bí ọ̀nà bá jẹ́ méjì, a lè da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì tẹ̀ lé èyí tí odù rẹ̀ jẹ́ àgbà. Bí Ìwòrì Méjì bá yọ fún ọ̀nà kìíní, tí Ọ̀yẹ̀kú Méjì yọ fún èkejì, èkejì ló borí, nítorí Ọ̀yẹ̀kú ni igbá kejì Ogbè, Ìwòrì sì ni ẹ̀kẹta.

Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò dá ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó wá béèrè ló gbé wọn wá. Bí ó bá béèrè pé, “Ṣé kí n fowó ránṣẹ́ tàbí kí n tọ́jú rẹ̀?” ó ti da ohun púpọ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Ní tèmi, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tú àpò náà.

Ká ní ó jẹ ẹni tó san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá ní ₦50,000. Gbèsè nìyẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá kí òun san gbèsè. Ká ní owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ìlérí ni, ó sì ní ọjọ́: bí ó bá pẹ́, ọmọ á jókòó sílé. Èyí náà kò sí nínú ohun tí à ń dífá sí.

Ó ku ₦400,000. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé pẹ̀lú ₦300,000. Owó ìkọ́ṣẹ́ àti irinṣẹ́ wẹ́dà jẹ́ ₦350,000. Owó náà kò lè ṣe méjèèjì. Ìbéèrè tòótọ́ dé nìyí. Bí ó bá kan páànù, bàbá á sùn ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n òun á tún padà sóko. Bí ó bá kọ́ṣẹ́, òjò á tún pa bàbá ní ọdún kan sí i, ṣùgbọ́n owó tí yóò máa wọlé lẹ́yìn náà lè kan páànù náà. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ìkà nínú méjèèjì. Nítorí náà, ó lè gbé wọn síwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀, kí ó sì fara mọ́ ìdáhùn.

Ẹnì kan lè sọ pé Ifá mọ ohun gbogbo, kí a bi í ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wílíámù Básíkọ́ọ̀mù, tó ṣèwádìí Ifá ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, ṣàlàyé pé bí babaláwo bá ń ki ẹsẹ odù, ẹni tó wá dífá ló ń mọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, nítorí òun ló mọ ohun tó sọ sí owó. Iṣẹ́ ẹni tó ń béèrè kò tán síbẹ̀.

Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ pé a kò tú àpò dáadáa: kí èèyàn gba ìdáhùn ní Ìfọ́n, kí ó tún gba ọ̀dọ̀ babaláwo mìíràn lọ ní Ọ̀wọ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbèsè tàbí ìlérí kan ṣì wà nínú ohun tó ń dífá sí, tí ọkàn rẹ̀ kò sì gbà kí odù kankan bá òun mú un kúrò lọ́rùn.